Ìtọ́sọ́nà fún Èèyàn Jẹ́jẹ́: Bó O Ṣe Lè Pàdé Ẹni Tó Wù Ẹ́, Kẹ́ Ẹ sì Máa Sọ̀rọ̀ Láì Jẹ́ Kó Tán Ẹ Lókun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ti òde àríyá dé tẹ́ ẹ á ti ilẹ̀kùn, tẹ́ ẹ á pa fóònù, tẹ́ ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Íntírófáàtì ni wọ́n ń pe irú wa báyìí, nílé wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu ọmọ yìí, àwọn míì á tiẹ̀ ní ìgbéraga ni. Ìgbéraga kọ́ jàre. Ìtìjú náà kọ́, torí ẹni tójú ń tì, ohun táwọn èèyàn máa sọ ló ń bà á lẹ́rù, àmọ́ èèyàn jẹ́jẹ́ lè dìde sọ̀rọ̀ níwájú ọgọ́rùn-ún èèyàn kí ohùn ẹ̀ má sì gbọ̀n, ó kàn jẹ́ pé tó bá délé ó ti tán pátápátá ni.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìkan ni mo fẹ́ fi èyí sọ, torí ibẹ̀ ló ti máa ń le jù. Ẹni tó ò ń wá wà níta, ìta sì ni ibi tó ń tán ẹ lókun, tó o bá wá rí i tán, wàá tún máa bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ kó má bàa rò pé o ò rí tòun rò. Ohun tí mo ti rí ni pé ọ̀rọ̀ tí ò ní òpin ló ń pa wá, kọ́ọ̀lù tó ò mọ ìgbà tó máa parí, pátì tó ò mọ ohun tó ò ń ṣe níbẹ̀, mẹ́sééjì "kí lò ń ṣe" tó ń wọlé ní gbogbo wákàtí. Tó o bá ti fún ọ̀rọ̀ ní àyè tiẹ̀, tó ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ó máa yà ẹ́ lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ ṣe máa pọ̀ lẹ́nu ẹ tó. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Mókọ́lá n'Ìbàdàn, òun àti nọ́ọ̀sì kan tó pàdé níbi ìgbéyàwó ni màá máa fi ṣàpẹẹrẹ, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i pé kí n sọ ọ́ bí n ò bá ti dárúkọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ ìgbà tí àárẹ̀ máa ń dé

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ibi tá a ti ń sọ̀rọ̀ gan-an ló ti ń rẹ̀ wá. Àwọn onímọ̀ kan ní Finland ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2017, wọ́n ní káwọn èèyàn máa kọ bó ṣe ń ṣe wọ́n sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọjọ́, wọ́n wá rí i pé téèyàn bá ń dá sọ́rọ̀, tó ń yá mọ́ àwọn èèyàn, inú ẹ̀ máa ń dùn lójú ẹsẹ̀, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà yẹn ni àárẹ̀ wá ń dé. Àtèèyàn jẹ́jẹ́ àtẹni tẹ́nu ẹ̀ yá, bákan náà ló ṣe wọ́n o.

Wá wò ó báyìí. O lọ síbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, o bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ó dùn, o kúrò níbẹ̀ ní aago mẹ́rin, inú ẹ ń dùn, o wá sọ fún un pé "màá pè ẹ́ ní aago méje." Aago méje yẹn gan-an ni gbèsè ọ̀sán máa wá kanlẹ̀kùn. Wàá pè é, ohùn ẹ á ti wálẹ̀, "hẹn, hẹn" lásán lá máa jáde lẹ́nu ẹ, òun á sì rò pé ọ̀rọ̀ òun ti sú ẹ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni kó o pè é. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mẹ́sééjì kékeré kan ti tó.

Fi ọ̀sẹ̀ méjì máa kọ ọ́ sínú fóònù ẹ: ibi tó o lọ, iye èèyàn tẹ́ ẹ jọ wà, aago tó rẹ̀ ẹ́. Àwọn kan, èrò ló ń tán wọn lókun, ẹnì kan ṣoṣo ò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn míì, ariwo ni. Àwọn míì sì wà tó jẹ́ fóònù gan-an ni, tẹ́ ẹ bá jọ jókòó kò sí wàhálà. Tó ò bá mọ èyí tó jẹ́ tìẹ, wàá máa sá fún ohun tí ò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: lọ síbi tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ

Òwàm̀bẹ̀ ò burú, ìjókòó ni mi ò fẹ́. Tó o bá wọṣọ ẹbí tó o wá jókòó sí tábìlì kan láàárín àwọn tó ò mọ̀, tí sípíkà wà lẹ́yìn ẹ tí dí-jèè sì ti gbé e sókè pátápátá, kí lo fẹ́ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ? Igbe ni wàá máa ké. Ìrẹsì lẹ jọ máa jẹ, ẹ ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tán.

Kí pátì tó dé ni kó o ti sọ fún wọn pé wàá ṣe nǹkan kan. Gba káàdì lẹ́nu ọ̀nà, pín ẹ̀bùn, ya fọ́tò, júwe ibi ìjókòó fáwọn àgbà. Iṣẹ́ yẹn á jẹ́ kó o tètè débẹ̀, kí èrò tó pọ̀, á fún ẹ nídìí láti bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé o kàn lọ dúró níwájú ẹ̀, ohun tó dáa jù nínú ẹ̀ sì ni pé á fún ẹ nídìí láti kúrò. Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ lè sọ pé "wọ́n ń pè mí" nígbàkigbà, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ibi tó tún dáa ju pátì lọ ni ibi táwọn èèyàn kan náà ti máa ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kọ́áyà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àsàlátù lọ́jọ́ Sunday, ìpàdé ọ̀sẹ̀ àwọn kọ́pà fún ẹni tó ń sin ilẹ̀ baba ẹ̀ lọ́wọ́. Níbi báyìí o lè má sọ nǹkan kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kó jẹ́ "ẹ kú àárọ̀" nìkan lọ́sẹ̀ kejì, tó bá fi máa di oṣù kan wọ́n ti mọ ojú ẹ, wọ́n ti mọ̀ pé o máa ń tètè dé, ìyẹn ti bá ẹ sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ kì í hàn lọ́jọ́ kan, díẹ̀díẹ̀ la máa ń hàn, torí náà ibi tí wọ́n á ti rí ẹ léraléra ló yẹ kó o lọ.

Alárinà ńkọ́? Àwọn bàbá wa ò sọ pé dandan ni kí ọmọkùnrin dá lọ sọ gbogbo ẹ̀ fúnra ẹ̀, alárinà ló ń lọ ló ń bọ̀, ọmọbìnrin á ní òun ń rò ó, ó lè tó oṣù bíi mélòó kan kó tó ṣíhùn, ojú ò sì kán ẹnikẹ́ni. Alárinà ṣì wúlò fún irú wa dáadáa. Wá ọ̀rẹ́ kan tó mọ̀ yín ẹ̀yin méjèèjì, ohun tó o máa ní kó ṣe ò ju pé kó mú yín mọra, kó sọ ohun kan tẹ́ ẹ jọ fẹ́ràn, kó dúró díẹ̀, kó wá fi yín sílẹ̀. Kìlọ̀ fún un dáadáa o, torí àwọn alárinà kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á lọ bá ọmọbìnrin yẹn wọ́n á ní "bọ̀dá yìí ò lè sùn mọ́ nítorí ẹ," ó ti bà á jẹ́ nìyẹn, nígbà tó o bá fi máa débẹ̀ á ti máa wò ẹ́ bí ẹni tó ń wo aláìsàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, àti bó o ṣe máa kúrò

Ọ̀rẹ́ mi oníkọ̀ǹpútà yẹn, níbi ìgbéyàwó ọmọ kíláàsì wa kan, òun ló ń bójú tó purojẹ́kítọ̀ tí wọ́n fi ń gbé àwòrán ọkọ àtìyàwó sára ògiri. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló wà, òun nìkan, iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọmọbìnrin kan wá bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, ṣé mo lè fi fóònù mi sí ṣájà yín?"

"Ẹ mú un wá. Ṣé ó ti kú ni?"

"Ó ti fẹ́ kú. Alẹ́ ni mo ṣiṣẹ́, mi ò tiẹ̀ dé ilé kí n tó gba ibí wá."

Ibí yìí lọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń sọ pé "ẹ kú iṣẹ́ o," a ó wá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti kú. Àwọn tó sì ti kà á níbì kan pé kéèyàn máa béèrè ìbéèrè, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ bí ọlọ́pàá: Níbo lẹ ti ń ṣiṣẹ́? Àdúgbò wo lẹ̀ ń gbé? Ará ibo ni yín? Ìbéèrè mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta, kò sí èyí tó mú ara wọn dání. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi wá sọ ni:

"Ẹ ò tíì sùn látàná? Kí ló wá lé yín wá síbi ìgbéyàwó?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mẹ́tírọ̀n wa ni. Àbúrò ẹ̀ nìyàwó. Tí mi ò bá wá, ó di ọ̀ràn."

"Ọ̀ràn bí i ti báwo?"

Ọmọ náà fa àga kan, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ mẹ́tírọ̀n: bó ṣe máa ń yẹ ìka nọ́ọ̀sì wò bóyá wọ́n kun èékánná, bó ṣe máa ń mọ ẹni tó sùn lóru láìsí níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ò sọ ju gbólóhùn mélòó kan lọ ní gbogbo àkókò yẹn. Ohun tó ṣe ò ju pé inú ohun tí ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ló ti ń mú ìbéèrè tó kàn, kò lọ mú un níbòmíì. Àwọn olùwádìí ní Harvard tẹ ìwádìí kan jáde lórí nǹkan yìí gan-an lọ́dún 2017, wọ́n rí i pé àwọn èèyàn máa ń fẹ́ràn ẹni tó ń béèrè ìbéèrè tó tẹ̀ lé ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, kódà níbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rẹ́kùnrin àti ọ̀rẹ́bìnrin, àwọn tó ń béèrè irú ìbéèrè yẹn ni wọ́n máa ń fẹ́ tún rí. Àwa tá a máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, ibi tá a ti yege nìyí, a kàn máa ń gbàgbé láti jẹ́ kí ẹnì kejì mọ̀ pé à ń gbọ́ ni.

Àmọ́ o, má jẹ́ kó di pé òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Tó bá ti sọ bíi méjì mẹ́ta, fi tìẹ kan sí i, kó kéré, kó bá ohun tó sọ mu. Ọ̀rẹ́ mi ní "ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ náà, tó bá ti gbọ́ ohùn fáànù kọ̀ǹpútà, ó ti mọ̀ pé a ò nù ún." Ìyẹn nìkan. Tó bá jẹ́ pé ìbéèrè ni ṣáá, ẹnì kejì á délé, á rí i pé òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ, ẹ̀rù á sì máa bà á díẹ̀.

Ìkúrò wá ni. Ìgbà tó ṣì ń dùn ni kó o lọ, kí agbára ẹ tó tán, torí tó bá ti tán ojú ẹ á sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún un pé: "Wọ́n ti fẹ́ gé kéèkì, ẹ jẹ́ kí n gbé àwòrán wọn sókè. Fóònù yín á ti kún tó bá fi máa di wákàtí kan, tẹ́ ẹ bá wá mú un, ẹ ó parí ọ̀rọ̀ mẹ́tírọ̀n fún mi." Ṣé ẹ rí i? Ó lọ sinmi, ọ̀rọ̀ ò sì tíì parí. Nígbà tó padà wá ló gba nọ́ńbà ẹ̀, kò ṣòro rárá, fóònù ọ̀hún ti wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Tó o bá délé, ọkàn ẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìsọkúsọ lo sọ, pé ó kàn ń ṣàánú ẹ ni. Má gbọ́ tiẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018 fi hàn pé lẹ́yìn táwọn tí ò mọra bá sọ̀rọ̀ tán, ó wọ́pọ̀ kí kálukú rò pé ẹnì kejì ò fẹ́ràn òun tó bó ṣe fẹ́ràn òun ní tòótọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Wasáàpù

Mẹ́sééjì àkọ́kọ́ kó wá látinú ohun tẹ́ ẹ ti sọ. "Mo ti délé o. Ṣé mẹ́tírọ̀n rí yín kẹ́ ẹ tó lọ?" sàn ju "báwo ni, ẹ délé ire?" lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, torí "bẹ́ẹ̀ ni" lásán ni ìdáhùn èyí tó kẹ́yìn yẹn, ti àkọ́kọ́ ló ní ìtàn nínú. Mi ò ní kó o má béèrè bóyá ó ti jẹun o, àṣà wa ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi mọ̀ pé o rántí àwọn. Ṣùgbọ́n tó bá di pé "o ti jẹun?" láàárọ̀, "kí lo jẹ?" lọ́sàn-án, "ṣé o ti jẹun alẹ́?" lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, ó ti di rẹ́jísítà nìyẹn, iṣẹ́ ni fún ẹ, iṣẹ́ ni fún un.

Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ń ṣe tiẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ń kọ̀wé sí i, láàárọ̀ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù àti lálẹ́ tó bá ti wẹ̀. Tí mẹ́sééjì bá wọlé láàárín méjèèjì, kò ní ṣí i, torí tó bá ṣí i tí ò sì lè dáhùn dáadáa, á máa gbé e kiri lọ́kàn, ìyẹn náà ń tánni lókun ju ìdáhùn gan-an lọ. Àmọ́ tó bá dáhùn, ó máa ń dáhùn kún, á mú ohun kan nínú ohun tó sọ, á fi tiẹ̀ sí i. Àwọn kan máa ń pa àmì búlúù yẹn kí ẹni tó kọ̀wé má bàa rí i pé wọ́n ti kà á, tó o bá pa á, ìwọ náà ò ní rí tàwọn ẹlòmíì o, lójú tèmi kó o sọ fún un pé aago báyìí lo máa ń dáhùn sàn ju kó o máa sá pamọ́ lọ.

Fóìsì nóòtù ni ẹ̀bùn tí wọ́n fún irú wa. O lè rò ó kó o tó sọ ọ́, o lè gbọ́ ọ kó o tó fi ránṣẹ́, o lè pa á rẹ́, kò sẹ́ni tó ń dúró dè ẹ́ lórí ìlà. Ìṣẹ́jú kan sí méjì ni kó mọ, tó bá ti di ìṣẹ́jú méje, ìwàásù ni. Tó o bá ń gbọ́ tiẹ̀, má lọ mú un yára sí ìlọ́po méjì nítorí kó lè tètè tán, ẹ̀rín ẹ̀ á dún bíi ti ọ̀bọ, o ò sì ní mọ ibi tó ti mí kanlẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa, èèyàn lè so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ra, á fi pàrokò ránṣẹ́ sẹ́ni tó wù ú pé ọkàn òun ń fà sí i, tẹ́ni yẹn bá dá mẹ́jọ padà, ọ̀rọ̀ ti jọ nìyẹn. Torí náà, ẹni tó bá sọ fún ẹ pé ìfẹ́ tí ò bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ìfẹ́, bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ.

Nípa "ẹ" àti "o," má kánjú. Jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ sọ "o" tàbí kó o béèrè. Ti ọ̀rẹ́ mi yìí, nọ́ọ̀sì ló dá a sílẹ̀ nínú fóìsì nóòtù kan, ó ní "ó ti tó, kí lò ń 'ẹ' mi sí bí ìyá ẹ."

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kọ́ọ̀lù tó ní ọjọ́ àti òpin

Ibí ló máa ń bàjẹ́ sí jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ìfẹ́ tuntun ń gbé ẹ, wàá lè sọ̀rọ̀ di aago kan òru lójoojúmọ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, o bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù tó ń dún, o ò gbé e, o ní o sùn. Ẹnì kejì ò mọ̀ pé àárẹ̀ ni, ohun tó rí ni pé ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀ di òru tẹ́lẹ̀ ti yí padà. Kí ló máa rò? Ẹlòmíì ni. Torí náà, kó o tó rẹ̀ ẹ́ ni kó o ti sọ ọ́, nígbà tí nǹkan ṣì ń lọ dáadáa, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tó o ti sá fún kọ́ọ̀lù bíi mẹ́rin lo tó sọ ọ́, àwáwí lásán ló máa jọ.

Ohun tí ọ̀rẹ́ mi sọ fún nọ́ọ̀sì nìyí, ó kà á fún mi kó tó sọ ọ́, mo sì yọ àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá tó wà níbẹ̀ kúrò:

"Mo fẹ́ sọ nǹkan kan kó má bàa yà ẹ́ lẹ́nu. Tí mo bá ti bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ẹnu mi máa ń kú lálẹ́, ti ẹnikẹ́ni ni, kì í ṣe tìẹ. Jẹ́ kí n máa pè ẹ́ lálẹ́ Ìṣẹ́gun àti lálẹ́ Ẹtì, ní aago mẹ́sàn-án, nígbà yẹn màá ti sinmi, màá lè gbọ́ ẹ dáadáa."

"Hmm. Ta lò ń pè ní Ọjọ́bọ̀?"

"Pè mí ní Ọjọ́bọ̀ kó o gbọ́ bí mo ṣe ń hanrun."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó sọ ohun kan: "Ó dáa, tó bá ti yẹ ọjọ́ kan, màá mọ̀ pé irọ́ ni." Òótọ́ ló sọ. Àdéhùn báyìí ò ní agbára àfi tó o bá pa á mọ́, tí aago mẹ́sàn-án bá lù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí fóònù ẹ̀ dún ní aago mẹ́sàn-án. Tíwọ náà bá sì ń bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù sọ̀rọ̀ bíi tiwọn yìí, béèrè rósítà ẹ̀ kó o tó mú ọjọ́, torí nọ́ọ̀sì tó ń ṣe alẹ́ ò lè gbé fóònù ẹ ní aago mẹ́sàn-án, àwọn méjèèjì máa ń yí ọjọ́ wọn padà tí rósítà tuntun bá jáde.

Ìdajì wákàtí sí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta tó. Kó o tó pè, kọ ohun méjì sílẹ̀: ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ látìgbà tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ọ̀kan tó o fẹ́ béèrè látinú ohun tó sọ nígbà yẹn. "Kí ni wọ́n wá ṣe fún bàbá tó sá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn?" Ìbéèrè báyìí máa ń dùn mọ́ èèyàn gan-an, torí á rí i pé ọ̀rọ̀ òun ò bọ́ sílẹ̀. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá dákẹ́, má fi "hẹn-hẹn, kí ló tún ń ṣẹlẹ̀" dí i, sọ pé "mò ń ro ohun tó o sọ yẹn," ìdákẹ́jẹ́ tí èèyàn mọ ìdí ẹ̀ kì í bà á lẹ́rù. Ohun míì tó máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé kálukú á máa ṣe nǹkan lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì ń lọ aṣọ iṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi ń to ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀. Tó bá tó àkókò, sọ pé ó tó, kó o sì dárúkọ ọjọ́ tó kàn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìjáde àkọ́kọ́

Ilé oúnjẹ tẹ́ ẹ á ti jókòó kọjú síra yín, tí kò sí ohun tẹ́ ẹ máa wò ju ojú ara yín lọ, tí orin tún ń pariwo, ẹ fi sílẹ̀ ná. Ibi tẹ́ ẹ ti lè rìn ni kẹ́ ẹ lọ. N'Ìbàdàn, Ọgbà Agodi dáa, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn dáa, ilé gogoro Bower tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936 sórí Òkè Ààrẹ náà dáa, ẹ ó gun un, ẹ ó rí páànù Ìbàdàn bó ṣe lọ bẹẹrẹbẹ, kálukú á máa wá ilé tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń rìn, ẹ̀gbẹ́ ara yín lẹ wà, kò sí ẹni tó ń tẹjú mọ́ ẹni, ohun tẹ́ ẹ rí á sì máa fún yín lọ́rọ̀. Sinimá náà dáa, wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni ò ní kó o sọ̀rọ̀, tó bá parí, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀.

Sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa parí kẹ́ ẹ tó jáde, "mo wà pẹ̀lú ẹ di aago mẹ́fà." Wákàtí méjì sí mẹ́ta tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Rántí ti Finland, má fi nǹkan kan sí alẹ́ ọjọ́ yẹn, kì í ṣe ọjọ́ tí wàá tún gba ibẹ̀ lọ sí ìpàdé ẹbí. Ẹ̀yin obìnrin, ìta gbangba ni kó jẹ́, kẹ́nì kan mọ ibi tẹ́ ẹ wà.

Ibi tó ti máa ń wọ́

Báwo lo ṣe máa mọ̀ bóyá àárẹ̀ ni àbí ẹni yẹn ò wù ẹ́? Jẹ́ kó o sùn ná. Tó o bá jí, tó o rí orúkọ ẹ̀ lórí fóònù, tí inú ẹ dùn díẹ̀, àárẹ̀ ló wà lálẹ́ àná. Tó o bá jí, tó o ti sinmi dáadáa, tí ọkàn ẹ sì tún wúwo tó o rí orúkọ ẹ̀, má di í ru ìwà jẹ́jẹ́, sọ fún un kó o má fi àkókò ẹ̀ ṣòfò.

Àárẹ̀ kọ́ ló wà nígbà tí ìjà bá dé náà o. Àwọn kan nínú wa, tí ọ̀rọ̀ bá ti le, a ó ní "ó rẹ̀ mí," a ó pa fóònù fọ́jọ́ mẹ́ta. Ìyẹn ti di ìyà tó ò ń fi jẹ èèyàn. O lè ní kẹ́ ẹ dá a dúró, àmọ́ dárúkọ aago: "jẹ́ ká sọ ọ́ lọ́la ní aago mẹ́jọ," ìwọ ni kó o sì kọ́kọ́ pè.

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, ìdákẹ́ tiyín ni wọ́n máa ń ṣì kà jù, ọkùnrin tó kọ mẹ́sééjì tó rí "okay" gbà á máa rò pé ìgbéraga ni tàbí pé o fẹ́ kóun máa lépa ẹ. Tó bá wù ẹ́, fi ọ̀rọ̀ kan kún un: "mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ mo gbádùn ohun tó o sọ yẹn." Tó o bá ti sọ ìgbà tó o máa ń gbé fóònù, tí ọkùnrin yẹn sì tún ń pè ní ìgbà mẹ́wàá léraléra tó ń bínú pé o ò gbé e, àlàyé ò kù mọ́ níbẹ̀, ó gbọ́ ẹ, kò kàn gbà ni. Àwọn míì wà tí wọ́n dáa, tí wọ́n kàn nílò ohùn èèyàn lójoojúmọ́, tí kọ́ọ̀lù méjì lọ́sẹ̀ á máa pa wọ́n. Ẹ lè gbìyànjú mẹ́ta, ẹ lè fi fóìsì nóòtù dí àárín. Tó bá ṣì ń pa á lára, ẹ ò bára yín mu nìyẹn, kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tó ò bá wá ní nǹkan kan nínú rárá, tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ti pé, má kọ "kò sí nǹkan," má sì dákẹ́. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi máa ń kọ nìyí, o lè mú un: "Ọjọ́ òní gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mi ò bínú, kò sí ìṣòro. Màá pè ẹ́ lọ́la ní aago mẹ́sàn-án, mo fẹ́ gbọ́ ti mẹ́tírọ̀n." Kọ ọ́ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀.